Gbogbo ìlà ló ní "Approved" lára: ṣé mo lè fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀?

ỌmọÌjẹ̀ṣà_Garki

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀ka ọ́dítì ni mo wà ní iléeṣẹ́ aládàáni kan níbí ní Garki. Ọ̀gá mi ní kí n yẹ kọ́ńtíróòlù orí àyípadà àkáǹtì báńkì àwọn kọngílá wò fún ọdún 2024. Òfin iléeṣẹ́ ni pé ẹnì kan ni yóò tẹ nọ́ńbà tuntun sínú ẹ̀rọ, ẹlòmíràn ni yóò fọwọ́ sí i kó tó ṣiṣẹ́. Àwọn ará áítí ti fi fáìlì Ẹ́sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi: ọ̀kan ń sọ ẹni tó wọlé sórí ẹ̀rọ àti ìgbà tó wọlé, ọ̀kan ń sọ ohun tí wọ́n yí padà, ọ̀kan ń sọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Àyípadà àkáǹtì 143 ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì ní "Approved". Ṣé mo lè kọ ọ́ pé kọ́ńtíróòlù náà ń ṣiṣẹ́? Kí ni kí n tún wò?

Kúnlé_Jabi

Àbúrò, má da ara rẹ láàmú. Mú 25 nínú 143 náà. Wò ó bóyá orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ yàtọ̀ sí orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i, kí o sì rí i pé lẹ́tà kọngílá wà nínú fáìlì. Tí 25 náà bá mọ́, kọ ọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́. Kódà ẹyọ kan tó, torí ẹ̀rọ ló ń ṣe é. Ẹ̀rọ kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Tó bá ti kọ̀ fún ẹnì kan láti dá ṣe iṣẹ́ méjèèjì lónìí, yóò kọ̀ lọ́la náà.

ÌyáÌbejì_Wuse

Kúnlé, apá kan ọ̀rọ̀ yín dúró dáadáa. Ohun tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ bá ń dí, ìdánwò ẹyọ kan lè tó. 25 yẹn, ibi tí ó ti jẹ́ pé èèyàn ló ń ṣe iṣẹ́ náà, tó sì ń ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, ni a ti sábà máa ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan kò tó àyàfi tí a bá ti mọ̀ pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí èèyàn lè gbà yí nọ́ńbà náà padà láìkọjá níwájú ẹ̀rọ yẹn, àti pé kò sẹ́ni tó pa ètò ìfọwọ́sí náà fún ọjọ́ díẹ̀ láàárín ọdún, tó sì tún tan án padà.

Níbi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ yín nìyí: inú fáìlì kan náà ni 25 náà ti wá. Ẹni tó gba fèrèsé wọlé kì í kọ orúkọ sínú ìwé àlejò. Tí ẹ bá mú gbogbo orúkọ inú ìwé àlejò, tí ẹ yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ni yóò jẹ́ àlejò gidi.

ỌmọÌjẹ̀ṣà, kí o tó ka ìlà kankan, béèrè ta ló kó fáìlì yẹn jáde àti àṣẹ wo ló tẹ̀. Ẹ́sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sínú ímeèlì, ẹnikẹ́ni lè ti pa ìlà méjì rẹ́ nínú rẹ̀. Jókòó ti ọmọ áítí náà, jẹ́ kó tún un kó jáde lójú rẹ. Wo ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí tó tẹ̀, wò ó bóyá ó yọ irú àyípadà kan sílẹ̀, kí o sì ya àwòrán ojú ẹ̀rọ tó fi iye ìlà hàn. Iye yẹn àti iye tó wà nínú fáìlì tó dé ọwọ́ rẹ gbọ́dọ̀ bára mu. Tí ìlà kọ̀ọ̀kan bá ní nọ́ńbà tó ń tẹ̀ léra, wò ó bóyá àwọn kan fò. Ṣùgbọ́n má tìtorí pé nọ́ńbà fò pariwo olè o. Àwọn dátábéésì kan máa ń fo nọ́ńbà nígbà tí iṣẹ́ kan bá já sáàárín tàbí tí wọ́n bá pa sáfà tí wọ́n sì tún un tàn.

BàbáOníṣọ́ọ̀bù_Kaduna

Ẹ kú ìjíròrò. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Kaduna. Àwọn ọmọ tó ń gbowó níwájú máa ń fagi lé rìsíìtì lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti lọ. Ẹni tó ta ẹ̀rọ náà fún mi ní ẹ̀rọ ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, pé máníjà gbọ́dọ̀ tẹ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ kí rìsíìtì kan tó lè parẹ́. Síbẹ̀ owó ń dín. Ṣé kí n ra kámẹ́rà?

ÌyáÌbejì_Wuse

Bàbá, ẹ kọ́kọ́ wo aago àwọn ìfagilé yẹn ná. Ẹ kó ti oṣù kan jáde, kí ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìwọléṣẹ́ máníjà. Bí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ bá ń fọwọ́ sí ìfagilé lọ́jọ́ tí kò wá síbi iṣẹ́, a jẹ́ pé àwọn ọmọ ti mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ibẹ̀ ni yóò já sí. Ohun tí ẹ̀rọ ń kọ sílẹ̀ ni orúkọ tí wọ́n fi wọlé, kì í ṣe ojú ẹni tó jókòó síbẹ̀.

BàbáOníṣọ́ọ̀bù_Kaduna

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan ló ń tẹ̀ ẹ́ fún un. Máníjà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ó ní ẹsẹ̀ ń dùn ún láti máa dìde. Ó dáa, mà.

ỌmọÌjẹ̀ṣà_Garki

Ẹ ṣé, mà. Mo ti jókòó tì wọ́n lónìí, a tún un kó jáde. 143 náà ni, iye rẹ̀ bára mu. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ohun tí àkọsílẹ̀ kò kọ?

ÌyáÌbejì_Wuse

Fi àkọsílẹ̀ sílẹ̀ ná, bẹ̀rẹ̀ láti ara àwọn nọ́ńbà àkáǹtì. Gba orúkọ àti àkáǹtì gbogbo kọngílá bó ṣe rí ní 31 Oṣù Kejìlá 2023. Má gbà á láti inú ẹ̀rọ òní, inú ẹ̀dà ìpamọ́ ìgbà yẹn ni kó ti wá, tàbí inú ìwé iṣẹ́ àwọn ọ́dítọ̀ tó wá lọ́dún náà. Gba ti 31 Oṣù Kejìlá 2024 pẹ̀lú. Gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Gbogbo kọngílá tí àkáǹtì rẹ̀ bá yàtọ̀ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ìlà kan nínú àkọsílẹ̀ àyípadà. Èyí tí kò bá ní ni a ń wá. Irú ìbéèrè yìí ni (àwọn orúkọ tábìlì tiyín lè yàtọ̀):

```sql
SELECT n.vendor_id, o.acct_no, n.acct_no
FROM vendor_2024 n
JOIN vendor_2023 o ON o.vendor_id = n.vendor_id
LEFT JOIN change_log c
  ON c.vendor_id = n.vendor_id
 AND c.field = 'acct_no'
WHERE n.acct_no <> o.acct_no
  AND c.vendor_id IS NULL;
```

Ó ní ibi tí kò dé. Ẹni tó bá yí àkáǹtì padà ní Oṣù Kẹfà, tó jẹ́ kí owó kan kọjá, tó sì dá nọ́ńbà àtijọ́ padà lọ́jọ́ kejì, ẹ̀dà méjèèjì yóò bára mu ní ìparí ọdún bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ọgbọ́n tí àwọn tó mọ iṣẹ́ burúkú yìí máa ń lò gan-an nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń béèrè ẹ̀rí kẹta: nọ́ńbà àkáǹtì tí owó lọ gan-an, láti ọwọ́ báńkì fúnra rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀dà tí ẹ̀ka ìṣirò pamọ́. Kó gbogbo owó tí ẹ san fún kọngílá kọ̀ọ̀kan jọ, wò ó bóyá ó lọ sí ju àkáǹtì kan lọ lọ́dún náà. Tó bá lọ sí méjì, ìlà àyípadà gbọ́dọ̀ wà láàárín ìsanwó méjèèjì.

Dátábéésì_Kano

Mo ti ń kà á bọ̀, ó yẹ kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ fún àwa náà. Áítí ni mí. Àkọsílẹ̀ àyípadà inú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìṣirò tí ẹ ń rí yìí, ojú ẹ̀rọ tí àwọn ará ìṣirò ń tẹ̀ ló ń kọ ọ́. Tí mo bá wọ dátábéésì fúnra rẹ̀ tí mo tẹ `UPDATE`, kò ní í mọ̀. Kì í ṣe pé a fẹ́ jalè! Nígbà tí ojú ẹ̀rọ bá há, tí kọngílá bá ń pariwo lórí fóònù, tí ọ̀gá bá dúró sí ẹ̀yìn ẹni, kí lẹ fẹ́ ká ṣe? A máa ń kọ tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún un.

A lè fi tírígà sí orí tábìlì náà kí dátábéésì fúnra rẹ̀ máa kọ gbogbo àyípadà, ibi yòówù kó gbà wá. Ìyẹn dára ju ti ojú ẹ̀rọ lọ. Ṣùgbọ́n kí n má tan yín: ẹni tó ni agbára bíi tèmi lè pa tírígà náà, kó ṣe tirẹ̀ tán, kó tún un tàn.

Kúnlé_Jabi

Kí la wá ń ṣe nígbà náà? Tí áítí bá lè ṣe gbogbo nǹkan, kò sí kọ́ńtíróòlù tó lè yege láyé.

ÌyáÌbejì_Wuse

Ó lè yege. Ẹ jẹ́ kí dátábéésì máa fi ẹ̀dà gbogbo ohun tí àwọn alágbára bíi Kano bá ṣe ránṣẹ́ sí sáfà mìíràn, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, níbi tí wọn kò ti ní agbára láti pa nǹkan kan rẹ́. Tírígà tí wọ́n bá pa náà yóò hàn níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan tí kì í ṣe ará áítí máa kà á lóṣooṣù. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ní ẹ̀dà yìí, ẹni tó ń kà á ni wọn kò ní.

Dátábéésì_Kano

Mà, èèyàn méjì péré ni gbogbo áítí wa. Èmi àti ẹnì kejì mi la ń tọ́jú sáfà kìíní, àwa náà la máa tọ́jú ìkejì. Kò sí "ibi tí wọn kò ti ní agbára".

ÌyáÌbejì_Wuse

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, èmi kò ní í gbára lé kọ́ńtíróòlù náà. Mo máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, mo máa fi gbogbo owó tó jáde wé lẹ́tà àwọn kọngílá.

Dátábéésì_Kano

Èmi kò gbà. Tíkẹ́ẹ̀tì wà, ọ̀gá fọwọ́ sí i, ẹ̀rí ni. Tí ẹ bá ń sọ gbogbo áítí kékeré di ẹni tí a kò lè gbẹ́kẹ̀ lé, iléeṣẹ́ kékeré kankan kò ní í yege lọ́wọ́ yín.

ÌyáÌbejì_Wuse

Tíkẹ́ẹ̀tì ń fi èyí tí ẹ sọ fún wa hàn wá. A lè má fohùn ṣọ̀kan lórí èyí, kò burú.

ỌmọÌjẹ̀ṣà_Garki

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi ìlà méjì hàn yín nínú 143 náà, ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀.

Ìkíní, 19 Oṣù Kẹsàn-án 2024. Wọ́n tẹ nọ́ńbà tuntun ní 14:20, ọ̀gá obìnrin tó ń fọwọ́ sí i fọwọ́ sí i ní 15:05. Ṣùgbọ́n nínú àkọsílẹ̀ ìwọlé, 14:01 ló wọlé, 14:10 ló jáde, kò sì tún wọlé mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Kò sí lórí ẹ̀rọ nígbà tó fọwọ́ sí i!

Ìkejì, oṣù tó tẹ̀ lé e. Ìfọwọ́sí rẹ̀ dé ní ìṣẹ́jú-àáyá 40 lẹ́yìn tí ọmọ ìṣirò tẹ nọ́ńbà tuntun. Nọ́ńbà íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn méjèèjì gbà wọlé, ọ̀kan náà ni.

Kúnlé_Jabi

Ìkíní yẹn ti já. Ẹlòmíràn ló fọwọ́ sí i fún un. Gbé e lọ bá ọ̀gá rẹ lónìí olónìí. Ìkejì kò burú, ọ́fíìsì kan náà ni wọ́n wà.

ÌyáÌbejì_Wuse

Òdìkejì ni mo rò. Má tíì bá ọ̀gá kankan sọ ìkíní.

Fáìlì mẹ́ta yẹn lè má wá láti orí aago kan náà. Ó wọ́pọ̀ kí sáfà máa kọ àkọsílẹ̀ ìwọlé ní aago UTC, kí ojú ẹ̀rọ ìṣirò máa kọ tirẹ̀ ní aago Nàìjíríà, èyí tó fi wákàtí kan ṣáájú UTC jálẹ̀ ọdún. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, 14:01 sí 14:10 yẹn jẹ́ 15:01 sí 15:10 lórí aago ògiri yín, ìfọwọ́sí 15:05 sì bọ́ sáàárín rẹ̀ geerege. Ṣùgbọ́n má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ bẹ́ẹ̀. Wọlé sórí ẹ̀rọ fúnra rẹ lọ́la, wo aago rẹ, yí ohun kékeré kan padà lórí kọngílá ìdánwò, jáde, kí o wá wo ohun tí fáìlì kọ̀ọ̀kan kọ. Tí aago ọwọ́ rẹ bá jẹ́ 10:30, tí àkọsílẹ̀ ìwọlé kọ 09:30, o ti mú un. Tún béèrè bóyá wọ́n yí aago sáfà padà láàárín ọdún, torí ìdánwò lọ́la kò lè jẹ́rìí fún Oṣù Kẹsàn-án fúnra rẹ̀. Wá ọjọ́ mìíràn tí ìyàtọ̀ wákàtí kan yẹn hàn nínú oṣù náà, tó bá hàn ní ọjọ́ mẹ́wàá léra, ó tó.

Ìkejì ló ń jà mí láyà. Nọ́ńbà íńtánẹ́ẹ̀tì tó bára mu kò sọ nǹkan kan, níbẹ̀ Kúnlé tọ̀nà, gbogbo ọ́fíìsì lè máa gba ẹnu ọ̀nà kan jáde. Wo orúkọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n lò. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà kan náà, wo bí ó ṣe ṣẹlẹ̀: ọmọ ìṣirò jáde, ọ̀gá wọlé, ó fọwọ́ sí i, ó jáde, ọmọ ìṣirò tún wọlé, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Èèyàn tó ń ka lẹ́tà kọngílá, tó ń fi fóònù pè é láti mọ̀ bóyá òun ló kọ ọ́, kò lè parí iṣẹ́ náà ní ìṣẹ́jú-àáyá 40. Ká tilẹ̀ ní òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́, kò ka nǹkan kan. Nítorí náà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "Approved" yẹn ní ìtumọ̀ kankan, yálà olè wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Lẹ́yìn náà, má dúró lórí ẹyọ kan. Ṣírò àkókò tó wà láàárín títẹ̀ àti ìfọwọ́sí fún gbogbo 143, tò wọ́n láti orí èyí tó kéré jù. Kí o sì gba ìwé ìsinmi ọ̀gá náà.

ỌmọÌjẹ̀ṣà_Garki

Mo ti ṣe é. Ti aago, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mà, wákàtí kan. Ìlà kìíní ti kúrò ńlẹ̀.

Ti ìṣẹ́jú-àáyá, 31 nínú 143 ni kò pé ìṣẹ́jú kan. Orí kọ̀ǹpútà ọmọ ìṣirò ni ọ̀gá ti wọlé nínú 28. Mẹ́rin nínú wọn bọ́ sí ọjọ́ tí ọ̀gá wà lẹ́nu ìsinmi ọdọọdún. Mo bi ọmọ náà, ó ní ọ̀gá máa ń wá dúró tì í ni. Mi ò tíì bi í léèrè nípa àwọn ọjọ́ ìsinmi.

Ti ìdánwò àkáǹtì, kọngílá mẹ́sàn-án ni àkáǹtì wọn yí padà láìsí ìlà kankan. Mẹ́sàn-án!

Dátábéésì_Kano

Dúró ná. Báwo lo ṣe gba ti 2023? Ẹ́sẹ́ẹ̀lì? Nọ́ńbà àkáǹtì báńkì nílẹ̀ wa jẹ́ díjíìtì mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ ló sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo. Ẹ́sẹ́ẹ̀lì máa ń rò pé nọ́ńbà lásán ni, á gé òdo iwájú sọnù. Ka díjíìtì àwọn mẹ́sàn-án yẹn kí o tó gbé ẹnikẹ́ni lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

ÌyáÌbejì_Wuse

Kano, ìwọ yìí wúlò ju bí o ṣe ń jẹ́ ká mọ̀ lọ.

ỌmọÌjẹ̀ṣà_Garki

Ẹ̀gbọ́n Kano, ẹ ṣeun púpọ̀. Mẹ́fà nínú wọn, òdo ni. Ó ku mẹ́ta. Méjì ní tíkẹ́ẹ̀tì áítí, lẹ́tà kọngílá wà lẹ́yìn rẹ̀, báńkì sì jẹ́rìí pé orúkọ kọngílá náà ló wà lórí àkáǹtì. Ẹyọ kan ló kù: kò sí ìlà, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí lẹ́tà. Owó ìgbà méjì ti lọ sí àkáǹtì tuntun náà.

Kúnlé_Jabi

Ẹyọ kan nínú gbogbo kọngílá yín? Àṣìṣe kékeré ni. Kọ ọ́ sínú ìwé, kí iṣẹ́ máa lọ.

ÌyáÌbejì_Wuse

Rárá o. Tó bá jẹ́ pé èèyàn ṣi lẹ́tà kan kà ni, à bá wọn ọ́n. Èyí jẹ́ ẹ̀rí pé ọ̀nà kan wà tí a lè gbà yí àkáǹtì padà láìsí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, ọ̀nà náà sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo kọngílá. Má wá a sí ẹ̀ka ìṣirò nìkan. Gba orúkọ gbogbo ẹni tó ní agbára láti kọ nǹkan sínú dátábéésì tààrà lọ́dún náà, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n fún ní agbára náà tí wọ́n sì gbà á padà, torí orúkọ ti òní kò ní í fi wọ́n hàn. Wá àwọn orúkọ tí èèyàn púpọ̀ jọ ń lò, bíi `admin`. Lẹ́yìn náà kọ̀wé sí báńkì, béèrè orúkọ tó wà lórí àkáǹtì náà.

ỌmọÌjẹ̀ṣà_Garki

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, mà. Lẹ́tà sí báńkì, ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí àyípadà yìí wà lára àwọn tí orúkọ wọn wà lọ́wọ́ báńkì. Láìsí ìfọwọ́sí rẹ̀, báńkì kò ní í dá wa lóhùn.

Dátábéésì_Kano

Ẹ má jẹ́ kó kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn kò ní orúkọ níbẹ̀ ni? Kí ọ̀gá àgbà fọwọ́ sí i. Àti pé kí wọ́n gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ dátábéésì fúnra rẹ̀ lónìí, àwọn sáfà kan máa ń kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

ÌyáÌbejì_Wuse

Gba ẹ̀dà yẹn kí o tó kọ lẹ́tà kankan. Kí ẹlòmíràn tí kì í ṣe áítí wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ.

BàbáOníṣọ́ọ̀bù_Kaduna

Mo ti yí pásíwọ́ọ̀dù máníjà padà láàárọ̀ yìí. Ó ti tún kọ ọ́ sára ògiri.